Owó ogbó lórí ẹ̀rọ ọ́fíìsì tí olè kó: bí ₦423,000 ṣe di ₦1,653,750 l'Ádó-Èkìtì

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta ọdún 2025, olè wọ ọ́fíìsì kan ní Ajílósùn, l'Ádó-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìṣirò owó. Wọ́n fi ayùn gé irin fèrèsé ẹ̀yìn, wọ́n kó láptọ́ọ̀pù mẹ́rin nínú mẹ́fà, wọ́n sì gbé pírńtà kan àti bátìrì ìnfátà méjì lọ. Ìnfátà fúnra rẹ̀ ṣẹ́ kù nítorí pé bóòtù ló dè é mọ́ ògiri. Obìnrin tó ni ọ́fíìsì náà ní inṣọ́ránsì olè jíjà, ó ti san owó ọdún náà pé, ó sì fi ọ̀rọ̀ tó ọlọ́pàá àti ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì létí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Irin tí wọ́n gé ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, torí pé inṣọ́ránsì olè jíjà fún ọ́fíìsì sábà máa ń béèrè àmì pé àwọn olè fi agbára já wọlé. Kò sẹ́ni tó jiyàn pé ó yẹ kí wọ́n sanwó fún un. Orí iye tí wọ́n máa san ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, lẹ́tà dé: ₦423,000 fún gbogbo ẹrù náà. Lásìkò yẹn, ẹyọ láptọ́ọ̀pù tuntun kan tó jọ èyí tí wọ́n kó ń lọ sí ₦900,000. Lẹ́tà náà sọ pé wọ́n ti yọ owó kúrò nítorí pé àwọn ẹ̀rọ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Owó ogbó la ó máa pe àyọkúrò yìí nínú àkọsílẹ̀ yìí. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni tàbí ilé-iṣẹ́ kankan, a sì ti sọ àwọn iye di odindi kí ó lè rọrùn láti bá ìṣirò náà lọ.

Ẹ béèrè ìṣirò kí ẹ tó jiyàn

Lẹ́tà tó mú owó wá kò fi ìṣirò hàn. Iye kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìgbowó tí wọ́n fẹ́ kó buwọ́ lù, èyí tí àwọn oníṣẹ́ inṣọ́ránsì ń pè ní dìsíṣáájì fáọ́ṣà. Bírókà tó bá a ra inṣọ́ránsì náà gbà á nímọ̀ràn pé kó má buwọ́ lu ohunkóhun, kó sì kọ lẹ́tà kúkúrú láti béèrè nǹkan mẹ́rin fún ẹrù kọ̀ọ̀kan: iye wo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ìdá mélòó ni wọ́n yọ, ibo ni wọ́n ti rí ìdá náà, àti gbólóhùn wo nínú ìwé àdéhùn ló fún wọn láṣẹ láti yọ ọ́. Lẹ́tà yẹn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò sì yẹ kó bá ẹnikẹ́ni jà, torí pé ẹni tó bá ń jiyàn lórí iye tí kò mọ bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀ yóò máa ju òkò sínú òkùnkùn ni.

Ìdáhùn dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ajọ́sítà, ìyẹn ẹni tí ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì rán wá láti wo òfò náà kó sì díye lé e, ti mú iye tí wọ́n ra ẹrù kọ̀ọ̀kan ní oṣù kẹta ọdún 2022, ó sì ti yọ ìdá 25 nínú 100 fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́ta ti kọjá, ìdá 75 ti lọ. Láptọ́ọ̀pù mẹ́rin tí wọ́n rà ní ₦330,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦1,320,000 lápapọ̀, di ₦330,000. Pírńtà tí wọ́n rà ní ₦260,000 di ₦65,000. Bátìrì méjèèjì, ₦300,000, di ₦75,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦470,000. Wọ́n wá yọ ìdá 10, ìyẹn ₦47,000, tí ìwé àdéhùn sọ pé oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé nínú òfò kọ̀ọ̀kan. Ó ku ₦423,000.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ojú rí nínú ìṣirò yìí ni pé ìdá kan náà ni wọ́n yọ lára láptọ́ọ̀pù, lára pírńtà àti lára bátìrì. Ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í gbó bákan náà. Bátìrì tó ń gbé ọ́fíìsì ró lójoojúmọ́ nígbà tí iná ọba bá lọ máa ń kú láàárín ọdún díẹ̀, ó sì dájú pé yóò kú. Pírńtà ń gbó pẹ̀lú iye ìwé tó bá tẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú kàlẹ́ńdà nìkan. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n tọ́jú dáadáa lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí ìdá kan náà bá ti bo gbogbo ẹrù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹnikẹ́ni kò wo ẹ̀rọ kankan kó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tí ìdá 25 ti wá

Inú ìwé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ti wá. Nígbà tí ajọ́sítà wá sí Àdó, ó béèrè ìwé ìṣirò ọ́fíìsì náà láti fi mọ̀ pé lóòótọ́ ni wọ́n ní àwọn ẹ̀rọ náà. Nínú ìwé náà, ní ojú ewé tí wọ́n to ohun ìní sí, wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ọ́fíìsì ń dín ní ìdá 25 lọ́dọọdún. Ó da ìdá náà kọ. Nígbà tí obìnrin náà pè é lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ajọ́sítà náà kò ju èyí lọ: "Ẹ má bínú, Mà, ìwé yín náà la tẹ̀ lé. A ò kúkú dá a sílẹ̀ láti ọkàn ara wa."

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu mọ́, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìdínkù tó wà nínú ìwé ìṣirò jẹ́ ọ̀nà láti pín iye tí wọ́n ra nǹkan sórí àwọn ọdún tí wọ́n rò pé wọ́n máa lò ó, kí èrè ọdún kọ̀ọ̀kan lè ru ìpín tirẹ̀. Oníṣirò ló ń yan iye ọdún náà. Ó lè yan mẹ́rin, ó lè yan márùn-ún, kí ìwé rẹ̀ sì péye síbẹ̀. Kò lọ sọ́jà kó tó yàn án, ìwé náà kò sì sọ níbikíbi pé iye tó kù nínú rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni lè fi ra irú ẹ̀rọ náà. Ní ọdún kẹrin, ìwé yẹn yóò sọ láptọ́ọ̀pù di òdo, bẹ́ẹ̀ ni láptọ́ọ̀pù náà yóò wà lórí tábìlì, tí yóò máa ṣiṣẹ́. Obìnrin náà jẹ́ oníṣirò fúnra rẹ̀, ó mọ èyí dáadáa, ó sì dá ajọ́sítà lóhùn lórí fóònù pé: "Ọmọ mi, tí mo bá mú ìwé yẹn lọ sọ́jà ní Ìjìgbò, ta ló máa fi ₦82,500 ta irú láptọ́ọ̀pù yẹn fún mi?" Orí ìbéèrè yẹn gan-an la gbé gbogbo àtakò tó kọ lẹ́yìn náà kà.

Kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣá o. Lẹ́tà àtakò àkọ́kọ́ tí ó kọ béèrè iye tuntun fún gbogbo ẹrù: láptọ́ọ̀pù mẹ́rin ní ₦900,000, pírńtà ní ₦700,000, bátìrì méjì ní ₦400,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦5,100,000 lápapọ̀. Ìlà méjì ni wọ́n fi dá a lóhùn, wọ́n sì jàre. Irú inṣọ́ránsì tí ó rà kì í ṣe èyí tó ń fi tuntun rọ́pò ògbólógbòó. Lẹ́tà yẹn jẹ ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì jẹ́ kí wọ́n rò pé kò ka ìwé àdéhùn rẹ̀.

Ohun tí ìwé àdéhùn sọ

Gbólóhùn tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìwé àdéhùn, ó sì sábà máa ń wà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìyàtọ̀ díẹ̀. Ó sọ pé ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì yóò san iye ẹrù náà ní àkókò tí òfò ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn àyọkúrò tó yẹ fún gbígbó àti ìlò. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ kà á, torí pé apá méjì ló ní, ajọ́sítà sì ṣàṣìṣe nínú apá méjèèjì.

Apá kìíní ni "ní àkókò tí òfò ṣẹlẹ̀". Oṣù kẹta ọdún 2025 ni òfò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n iye ọdún 2022 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Láàárín méjèèjì, ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ sí dọ́là, gbogbo ẹ̀rọ tó ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n rà ní ₦330,000 kò gbọ́ ìró èyí nínú ìwé ìṣirò, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ nínú ọjà. Tí ajọ́sítà bá yọ owó ogbó lára iye ọdún 2022, ó ti jẹ́ kí oníbàárà ru ẹrù méjì: ó ru gbígbó ẹ̀rọ, èyí tó tọ́ sí i, ó tún ru bí náírà ṣe já wálẹ̀, èyí tí ìwé àdéhùn kò gbé lé e lórí. Láyé tí owó dúró sójú kan, àṣìṣe yìí kì í hàn. Ní Nàìjíríà lẹ́yìn 2023, òun ló tóbi jù nínú irú ìṣirò báyìí, ó sì tóbi ju ìjà lórí ìdá mélòó lọ.

Apá kejì ni ọ̀rọ̀ náà "tó yẹ". Àyọkúrò tó yẹ gbọ́dọ̀ bá ipò tí ẹ̀rọ náà wà mu. Kò sọ pé kí wọ́n lo ìdá kan tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ owó ló yẹ kó lè sọ ohun tó fi díwọ̀n rẹ̀.

Láti ibí, ìbéèrè tó kù rọrùn láti sọ: èló ni ẹni tó wà l'Ádó-Èkìtì ní oṣù kẹta 2025 máa fi ra láptọ́ọ̀pù kan náà, tó ti lo ọdún mẹ́ta, tó sì wà ní irú ipò kan náà?

Tòkunbọ̀ ló dáhùn

Fún láptọ́ọ̀pù, ọjà tòkunbọ̀ dáhùn ìbéèrè yẹn láìsí ìdá kankan. Obìnrin náà gba ìwé iye owó mẹ́ta fún irú kan náà gan-an: ọ̀kan láti ṣọ́ọ̀bù kan l'Ádó ní ₦450,000, méjì láti Kọ̀mpútà Fílẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹjà ní ₦400,000 àti ₦420,000. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní déètì tó sún mọ́ ọjọ́ tí olè jà, wọ́n ní òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì kọ orúkọ ẹ̀rọ náà ní kíkún, pẹ̀lú irú pùrósẹ́sọ̀, ìwọ̀n mẹ́mórì àti ìwọ̀n ibi ìpamọ́ rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n máa ń mú ìwé tó kàn kọ "láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀" wá, tàbí kí wọ́n mú irú tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ajọ́sítà yóò rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò sì ní gba ìwé tó kù gbọ́ mọ́, kódà bí wọ́n bá dára.

Ajọ́sítà tako ìwé náà lọ́nà méjì. Ó ní kò sí ẹ̀rí pé àwọn tí wọ́n jí wà ní ipò tó dára bíi ti tòkunbọ̀ tí wọ́n ti tún ṣe fún títà. Ó tún ní iye ṣọ́ọ̀bù ní èrè olùtajà nínú, pé tí obìnrin náà bá fẹ́ ta tirẹ̀, kò lè rí ju ₦250,000 lọ.

Ìdáhùn sí èkejì wà nínú ète inṣọ́ránsì gan-an. Obìnrin náà kò fẹ́ ta láptọ́ọ̀pù, olè ló kó o. Kí ó tó lè padà sí ipò tó wà kí òfò tó dé, rírà ni yóò rà, iye ìrà ló sì yẹ kí wọ́n wò. Àríyànjiyàn yìí kì í fìgbà gbogbo bọ́ sí ọwọ́ oníbàárà fún ẹrù tí ẹni tó ni ín ti fẹ́ tà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ó lágbára.

Ìdáhùn sí èkíní wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Láptọ́ọ̀pù méjì tí àwọn olè fi sílẹ̀ wà lórí rìsíìtì kan náà pẹ̀lú mẹ́rin tí wọ́n kó: ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà wọ́n, irú kan náà ni wọ́n, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe. Wọ́n jẹ́ ẹlẹ́rìí. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo Windows, ẹ ṣí Command Prompt kí ẹ tẹ èyí:

```
powercfg /batteryreport
```

Yóò kọ fáìlì kan, yóò sì sọ ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí. Nínú fáìlì náà, ẹ wá `DESIGN CAPACITY`, ìyẹn agbára tí bátìrì ní nígbà tó jẹ́ tuntun, àti `FULL CHARGE CAPACITY`, ìyẹn èyí tó kù báyìí. Nínú ọ̀kan, 50,000 ló ti dín sí 39,000, ìdá 78 ló kù. Nínú èkejì, ìdá 80. Ó tẹ méjèèjì síwèé, ó fi àwòrán kíbọọ̀dù, ojú ẹ̀rọ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lábẹ́ wọn kún un, ó sì pe ajọ́sítà kó wá fojú ara rẹ̀ rí wọn. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti pàdánù ìdá 75 iye rẹ̀ nítorí ìlò.

Ẹ̀rí náà ní ààlà o. Bátìrì tó lágbára kò fi hàn pé gbogbo ẹ̀rọ dá ṣáká, láptọ́ọ̀pù méjì kò sì lè jẹ́rìí pátápátá fún mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí obìnrin náà fi gba iye tó kéré jù nínú mẹ́ta, ₦400,000, láìfi owó ọkọ̀ láti Ìkẹjà kún un. Láptọ́ọ̀pù mẹ́rin di ₦1,600,000. Bí a bá wò ó láti ọ̀nà míì, ₦400,000 lára ₦900,000 túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà ti pàdánù bí ìdá 56. Owó ogbó ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ọjà ló sọ iye rẹ̀, kì í ṣe ìwé ìṣirò.

Ó wù ú kó tún lo ọ̀nà mìíràn: kó mú ₦900,000, kó sọ pé ọdún mẹ́fà ni ẹ̀mí ẹ̀rọ, kó pín in sí méjì, kó béèrè ₦450,000. Bírókà ní kó fi í sílẹ̀. Irú ti 2022 kò sí ní tuntun mọ́. Èyí tó jọ ọ́ jù lórí àtẹ ní 2025 yára jù ú lọ, ajọ́sítà yóò sì sọ, pẹ̀lú òtítọ́, pé wọ́n ń gbé e kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn á tún bí àyọkúrò míì. Níbi tí ọjà tòkunbọ̀ bá wà fún ẹrù kan, òun ni kí ẹ di mú.

Fún pírńtà, ìwé àtúnṣe tó wà lọ́wọ́ ẹni tó máa ń tún un ṣe ló ṣiṣẹ́. Ó ti kọ iye ìwé tí káńtà ẹ̀rọ náà fi hàn nígbà tó tún un ṣe kẹ́yìn, oṣù kan kí olè tó wá, iye náà sì kéré fún ẹ̀rọ ọlọ́dún mẹ́ta. Pẹ̀lú ìwé iye tòkunbọ̀ méjì, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ₦300,000.

Ibi tó ti gbà pé wọ́n jàre

Bátìrì yàtọ̀. Ìdá 75 tí wọ́n yọ níbẹ̀ kò burú. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń fi bátìrì yẹn gbé ọ́fíìsì ró, tí wọ́n sì ń fà á wálẹ̀ gan-an lójoojúmọ́ tí iná bá lọ, kò sì sí ìwé kankan tó fi hàn pé wọ́n ń fi omi sí i lásìkò. Kò tún sí ọjà tòkunbọ̀ gidi fún irú bátìrì bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè tọ́ka sí. Obìnrin náà kọ ọ́ kedere pé òun gba ìdá 75. Ohun tí kò gbà ni iye tí wọ́n yọ ọ́ lára: dípò ₦150,000 ti ọdún 2022, ₦400,000 tí bátìrì tuntun jẹ́ ní oṣù kẹta 2025 ló yẹ. Ìdá 25 rẹ̀ jẹ́ ₦100,000, bátìrì méjì jẹ́ ₦200,000.

Ìgbà tí ajọ́sítà ka ibi tí ó ti gbà fún un ni ohùn rẹ̀ rọ̀. Lẹ́tà tó bá ń jà lórí gbogbo nǹkan máa ń dà bí lẹ́tà ẹni tó kàn fẹ́ owó. Èyí tó gba ohun tó tọ́ máa ń jẹ́ kí wọ́n ka èyí tó kù dáadáa.

₦1,600,000, ₦300,000 àti ₦200,000: ₦2,100,000.

Ìdẹkùn àfẹ́réèjì

Ibí ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ajọ́sítà gbà pé iye ọjọ́ òní ni kí wọ́n fi ṣírò, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹrù ti gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé inṣọ́ránsì tí obìnrin náà ní kò tó ẹrù rẹ̀. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ìwé àdéhùn ní ẹsẹ kan tí wọ́n ń pè ní àfẹ́réèjì: tí iye tí ẹ dá inṣọ́ránsì lé bá kéré sí iye gbogbo ẹrù tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ máa ru ìpín tiyín nínú òfò. Iye tí ó dá inṣọ́ránsì lé jẹ́ ₦2,800,000, ìyẹn gan-an ni iye tó ra gbogbo ẹ̀rọ ọ́fíìsì ní 2022: láptọ́ọ̀pù mẹ́fà ₦1,980,000, pírńtà ₦260,000, bátìrì ₦300,000 àti ìnfátà ₦260,000. Kò tún un wò láti ìgbà náà.

Ajọ́sítà wá ṣírò iye gbogbo ẹ̀rọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá náà ní tuntun: láptọ́ọ̀pù mẹ́fà ₦5,400,000, pírńtà ₦700,000, bátìrì ₦800,000, ìnfátà ₦600,000. ₦7,500,000. Ó pín ₦2,800,000 sí i, ó rí ìdá 37 àti díẹ̀, ó fi sọ ₦2,100,000 di ₦784,000. Tí wọ́n bá yọ ìdá 10, ₦705,600 ló kù.

Ẹ wo ohun tó ṣe. Nígbà tó ń wọn òfò, ó lo iye ẹrù tó ti gbó. Nígbà tó ń wọn gbogbo ẹrù láti mọ̀ bóyá inṣọ́ránsì tó, ó lo iye tuntun. Ìwọ̀n méjì nínú ìṣirò kan. Tí ìwé àdéhùn bá ní ẹrù tó ti gbó ni òun ń dáàbò bò, iye ẹrù tó ti gbó náà ló yẹ kó wà níhà méjèèjì. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í rí èyí, torí pé ayọ̀ pé wọ́n gbà fún wọn lórí owó ogbó ti bò wọ́n lójú.

Ìṣirò tó tọ́ nìyí. Láptọ́ọ̀pù mẹ́fà ní ₦400,000 jẹ́ ₦2,400,000, pírńtà ₦300,000, bátìrì ₦200,000, ìnfátà tí wọ́n fi sílẹ̀ ₦300,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦3,200,000.

```
2,800,000 ÷ 3,200,000 = 0.875
2,100,000 × 0.875 = 1,837,500
1,837,500 − 183,750 = 1,653,750
```

Ẹ ṣàkíyèsí pé obìnrin náà kò sọ pé àfẹ́réèjì kò kan òun. Ó kàn án, ó sì jẹ ẹ́ ní ₦262,500. Ẹ tún ṣàkíyèsí ìdí tí lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́ fi léwu ju bó ṣe rò lọ: ẹni tó bá ń pariwo pé ₦900,000 ni láptọ́ọ̀pù òun tọ́ sí ti fúnra rẹ̀ sọ fún ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì pé ẹrù òun jẹ́ ₦7,500,000. Bí èèyàn bá ń fa iye òfò sókè, ó ń fa iye gbogbo ẹrù sókè pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹ tó kọ iye kankan sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò àfẹ́réèjì pẹ̀lú iye náà ní kọ̀rọ̀ yàrá yín.

Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀

Lẹ́tà ìkẹyìn jẹ́ ojú ewé méjì. Ojú ewé kìíní kọ gbólóhùn ìwé àdéhùn sílẹ̀, ó sì sọ ibi méjì tí ìṣirò wọn ti yà kúrò lára rẹ̀. Ojú ewé kejì jẹ́ àtẹ: ẹrù, iye tuntun ní oṣù kẹta 2025, iye tí ọjà fi hàn fún èyí tó ti gbó, ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àfẹ́réèjì, ìdá 10, iye tó kù. Wọ́n fi ìwé ṣọ́ọ̀bù, rìsíìtì 2022, ìwé pírńtà, àbájáde bátìrì àti ìwé ọlọ́pàá kún un. Bírókà fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì tààrà, ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ajọ́sítà, torí pé ajọ́sítà ń dámọ̀ràn ni, ilé-iṣẹ́ ló ń pinnu.

Nínú lẹ́tà náà, ó ní kí wọ́n san ₦423,000 tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ sílẹ̀ ná, kí ìjíròrò máa lọ lórí ìyókù. Wọ́n kọ̀ láti pín in. Ẹ̀yin náà lè béèrè rẹ̀, àwọn míì máa ń gbà. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí ẹ gba owó kékeré náà nípa bíbuwọ́ lu dìsíṣáájì fáọ́ṣà tó sọ pé ó jẹ́ ìparí gbogbo ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìbuwọ́lù yẹn, ẹ̀rí tó dára jù lọ kò ní ibi tí yóò gbà wọlé. Tí wọ́n bá gbà láti san apá kan, ẹ rí i pé ìwé tí ẹ ń buwọ́ lù sọ ọ́ kedere pé apá kan ni, àti pé ẹ̀tọ́ yín lórí ìyókù ṣì wà.

Ó tún rán wọn létí pé Òfin Inṣọ́ránsì ti ọdún 2003, tó wà lójú iṣẹ́ nígbà náà kí òfin ọdún 2025 tó rọ́pò rẹ̀, fún wọn ní 90 ọjọ́ láti parí irú ọ̀rọ̀ báyìí, ó sì mẹ́nu bà á pé tí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan, òun yóò kọ̀wé sí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàbójútó iṣẹ́ inṣọ́ránsì. Kò dé ibẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn tí lẹ́tà náà dé, wọ́n fi fáọ́ṣà tuntun ránṣẹ́, ₦1,653,750, ó sì buwọ́ lù ú.

Owó náà ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mẹ́ta àti bátìrì kan. Kò ra gbogbo rẹ̀ padà, nítorí àfẹ́réèjì, ìdá 10, àti pé bátìrì tuntun ni ó ní láti rà. Nígbà tí àkókò àtisan owó inṣọ́ránsì ọdún tó kàn dé, ó ní kí wọ́n yí ẹ̀rọ ọ́fíìsì sí irú tó ń fi tuntun rọ́pò ògbólógbòó. Ìyẹn mú kó gbọ́dọ̀ dá inṣọ́ránsì lé iye tuntun gbogbo ẹ̀rọ náà, torí pé lábẹ́ irú àdéhùn yẹn, iye tuntun ni wọ́n fi ń wọn àfẹ́réèjì. Owó tó ń san lọ́dún pọ̀ sí i. Ó wá fi ìlà kan kún ìwé ohun ìní rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó kù nínú ìṣirò: iye tí ẹ̀rọ náà jẹ́ lọ́jà lónìí, pẹ̀lú déètì àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù tí ó ti béèrè. Oṣù kejì ọdọọdún ni akọ̀wé rẹ̀ ń tún un kọ, kí ó tó lọ san owó ní oṣù kẹta.